Irun Tí A Fi Parasítámọ́ọ̀lù Dì

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní ọdún tó kọjá, mo wà ní ilé àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn nígbà tí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ọ̀dọ̀ onídìrí dé. Irun náà dára ní wíwò. Ó ń dán, ìlà rẹ̀ sì tọ́ bí ohun tí a fi okùn wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lè gbé orí lé ìrọ̀rí. Awọ iwájú orí rẹ̀ fà sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi dà bí ojú ẹni tí ẹnu yà. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kan ẹ̀bátí rẹ̀, mo rí i pé kókó wẹ́wẹ́ ti yọ ní etí irun, díẹ̀ nínú wọn sì ti ní ọyún lórí. Ọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀. Ó mú ìdajì hóró parasítámọ́ọ̀lù, ó fún un, ó ní, "Fara dà á, bó bá di ọ̀túnla á dẹ̀." Ìdajì kejì ni ó ti fún un kí wọ́n tó jáde lọ dirun.

N kò lè dá a lẹ́bi, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn. Àárín itan ìyá mi ni mo ti kọ́ pé ọmọ tí ń sunkún lábẹ́ òòyà kò mọ ẹwà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lọ́kàn mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí bàtà bá há mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, a ó bọ́ ọ sílẹ̀, a ó wá èyí tó gbà á. Kò sí ìyá tí yóò fún ọmọ ní oògùn ìrora kí bàtà tó há lè wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ló wá dé tí irun tó há fi yàtọ̀ lójú wa?

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ìrora irun dídì kì í ṣe owó tí a ń san kí á tó lẹ́wà. Ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó bá gbọ́ ìkìlọ̀ náà ní kùtùkùtù, irun rẹ̀ yóò padà. Ẹni tó bá fi oògùn pa á lẹ́nu mọ́ fún ọdún púpọ̀, irun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí láé.

Àwọn oníṣègùn ní orúkọ fún àrùn yìí: tirákíṣọ̀nù alopíṣíà. Ní èdè tiwa, ó rọrùn láti ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ló gbé e dúró: fífà ni ó ń fà á. Irun orí kì í hù láti ojú awọ. Inú ihò tóóró kan ni ó ti ń hù, gbòǹgbò rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ihò náà bí iṣu ti wà nínú ebè. Bí a bá fa irun kan tu lẹ́ẹ̀kan, kò sí ewu. Ihò rẹ̀ ṣì wà, yóò sì hu òmíràn. Èyí tó léwu ni fífà tí kì í dáwọ́ dúró, tí ó ń wá láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, láti ọdún dé ọdún, ní ojú kan náà. Ihò irun yóò kọ́kọ́ wú, yóò sì gbóná. Òun ni kókó àti ìrora tí a ń rí. Bí fífà bá ń tẹ̀ síwájú, irun tí ń hù níbẹ̀ yóò máa tín-ínrín sí i, yóò sì máa kúrú sí i. Ní ìgbẹ̀yìn, àpá yóò dí ihò náà pa.

Ibi àpá yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kí àpá tó dé, irun ṣì lè padà. Bí àpá bá ti dé, kò sí ihò mọ́ tí irun yóò gbà jáde. Oko tí a ro yóò hu koríko padà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé kò ní hu nǹkan kan, bó ti wù kí á bomi rin ín tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àrùn aláwọ̀ dúdú ni. Ní ọdún 1907, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Trebitsch kọ̀wé nípa irú orí pípá bẹ́ẹ̀ lára àwọn obìnrin Gíríńláǹdì, ní ilẹ̀ yìnyín, nítorí wọ́n ń fa irun wọn jọ gírígírí sókè orí. Irun tiwọn nà gbọọrọ, síbẹ̀ fífà kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Kéèpù Táònù tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 àti 2008 ló là wá lójú jù. Nínú àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé tí wọ́n yẹ orí wọn wò, bí 17 nínú 100 ló ti ní àmì àrùn yìí. Nínú àwọn obìnrin àgbà, ó tó 32 nínú 100. Wọ́n tún rí i pé ewu náà pọ̀ jù lọ lórí irun tí a ti fi rìlásà nà tẹ́lẹ̀ kí á tó wá dì í tàbí kí á tó rán wífíìn mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Rìlásà ti sọ irun náà di ẹlẹgẹ́, a sì tún wá gbé ẹrù kọ́ ọn lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé àbúrò mi, nítorí nígbà tí mo ní kí wọ́n tú irun ọmọ náà lálẹ́ yẹn, àbúrò mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì bọ́ wíìgì orí ara rẹ̀. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti rí orí rẹ̀ gbẹ̀yìn láìbò. Láti ẹ̀bátí ọ̀tún títí dé ti òsì, irun iwájú ti ṣí lọ sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka méjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i báyìí? Kò sí òróró tí n kò tíì fi pa á." Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Láti ìgbà tó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó ti ń fi rìlásà sí irun, tí ó sì ń rán wífíìn lé e. Nígbà tí iwájú orí bẹ̀rẹ̀ sí í pá, ó fi wíìgì bò ó, ó sì ń fi gúlù lẹ etí wíìgì náà mọ́ ojú ibi tó ń pá gan-an. Aṣọ tí a fi bo egbò ni ó tún ń ya egbò náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tìyá tọmọ lọ rí dókítà awọ ara, mo sì bá wọn lọ. Dókítà náà kò kọ́kọ́ béèrè irú òróró tí wọ́n ń lò. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé wọn sún mọ́ ojú fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò méjì na awọ iwájú orí wọn, ó sì gbé gíláàsì kékeré tí ń mú nǹkan tóbi lé e.

Lórí ti ọmọ, ojú ihò irun pé pérépéré, irun kéékèèké sì wà nínú wọn. Ó tún fi nǹkan funfun kan hàn wá tó yí ìdí irun ká bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Ìyá rẹ̀ ti rò pé èérí orí tàbí ẹyin iná ni, ó sì ti ń fi ọṣẹ oníkẹ́míkà fọ̀ ọ́. Dókítà ní kì í ṣe iná. Awọ inú ihò irun ni, tí fífà ti fà tẹ̀ lé irun jáde. Ìgbàkígbà tí a bá rí i ní ìdí irun tí a ń dì gírígírí, kí á mọ̀ pé fífà ṣì ń lọ lọ́wọ́.

Lórí ti ìyá, nǹkan yàtọ̀ láti ibì kan dé èkejì. Ní etí iwájú pátápátá, irun wínníwínní bíi ti ọmọ ìkókó ṣì tò ní ìlà kan, lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tó pá. Ìlà yìí ni dókítà fi mọ̀ pé fífà ló ṣe é. Ó ní irun wínníwínní wọ̀nyẹn kúrú jù kí ọwọ́ onídìrí tó lè mú wọn. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó fà wọ́n, wọn kò sì lọ. Àwọn tí ọwọ́ lè mú ni wọ́n lọ. Ní àárín ibi tó pá, awọ náà ń dán, ó dán bí àtẹ́lẹwọ́, a kò sì rí ojú ihò kankan. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ó ti ń pàdé irun tó kù, ihò ṣì wà, irun tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú wọn.

Dókítà sọ fún un pé, "Mà, ibi tí ihò wà, a ó jọ bá a jà. Ibi tó ń dán yẹn, n kò ní tàn yín jẹ."

Ìtọ́jú ọmọ náà kéré. Wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò fún àwọn kókó tó ní ọyún, wọ́n sì ní kí wọ́n má ṣe di irun rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Laàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kókó ti lọ. Ní nǹkan bí oṣù kẹta, ẹ̀bátí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi pé, ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè sọ pé nǹkan kan ṣe é.

Ti ìyá gba sùúrù. Wọ́n ní kí ó jáwọ́ nínú rìlásà, wífíìn àti gúlù lápapọ̀, wọ́n sì fún un ní minọ́ksídìlì, oògùn olómi tí a ń kán sí awọ orí lójoojúmọ́. Dókítà kìlọ̀ pé aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn kò gbọ́dọ̀ lò ó, àti pé ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, irun díẹ̀ lè tún já sí i, kí ó má bàa dẹ́rù bà á. Ó tún ṣàlàyé ìṣirò kan tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Irun orí kì í gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ nínú oṣù kan, ihò tí ìyà ti jẹ sì lè sinmi fún bí oṣù mẹ́ta kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń wo dígí ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tó sì ń sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́, kò tíì ní ohun tí yóò rí. Oṣù mẹ́fà ni ó yẹ kí á fi ṣèdájọ́. Nígbà tí oṣù mẹ́fà àbúrò mi pé, irun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 ti kún ẹ̀yìn ibi tó pá, ìwọ̀n ìka méjì sì ti di ìwọ̀n ìka kan. Ibi tó ń dán kò yí padà. Títí di òní, kò tíì yí padà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù fún irú ibẹ̀ ni kí oníṣẹ́ abẹ ṣí irun pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ láti ìpàkọ́, kí ó sì gbìn ín sí iwájú. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tó bá sì ṣe é tán, tó tún padà sí irun tó há, yóò pàdánù èyí tí a gbìn náà.

Ibí ni inú ti ń bí mi sí àwọn tó ń ta òróró ìwòyanu. Àbúrò mi ti ra òróró lárà, ó ti ra àdín àgbọn tí wọ́n po nǹkan mọ́, ó ti fi omi àlùbọ́sà pa orí títí ilé fi ń rùn. Òróró a máa mú irun tó wà rọ̀, kí ó má baà tètè já. Iṣẹ́ tí ó lè ṣe nìyẹn. Kò lè ṣí ihò tí àpá ti dí. Ẹni tí òróró bá sì "ṣiṣẹ́" fún, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti dáwọ́ irun líle dúró ní ìgbà kan náà. Ẹ ó rí i pé dídáwọ́dúró yẹn ló mú irun padà, òróró ló wá gba ọpẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ìyá wa dirun títí wọ́n fi dàgbà, irun wọn kò sì pá. Mo ní èsì méjì. Èkíní, kí wọ́n wo ẹ̀bátí àwọn ìyá àgbà dáadáa nígbà tí wọn kò bá wé gèlè. Púpọ̀ nínú wọn ti pá, a kàn pè é ní ọjọ́ orí ni. Èkejì, ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀ àtijọ́, irun orí nìkan ni wọ́n fi ń dì í. Kò ní atáṣímẹ̀ǹtì tí ń fi ẹrù kún un, kò ní rìlásà lábẹ́, kì í sì í pẹ́ lórí kí wọ́n tó tú u. Òní, a ń di irun tó wúwo, a sì ń fẹ́ kí ó lo oṣù mẹ́ta.

N kò ní dá àwọn onídìrí nìkan lẹ́bi. Ọ̀kan tí mo bi léèrè ní àdúgbò mi fèsì pé, "Mọ́mì, tí mo bá dẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní mi ò mọ iṣẹ́." Òótọ́ ló sọ. Atáṣímẹ̀ǹtì ti wọ́n, owó iṣẹ́ ti lọ sókè, oníbàárà sì fẹ́ kí owó rẹ̀ pẹ́ lórí. Àwa la ń sọ pé kí wọ́n fún un kí ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n bí irun bá ṣe ń pẹ́ ni ó ń hù kúrò ní awọ orí, tí ẹrù náà sì ń fì lórí irun díẹ̀ tó dì í mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ti tó fún irun alátáṣímẹ̀ǹtì tàbí wífíìn. Lẹ́yìn náà, kí á tú u, kí orí sì sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má dirun mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á dì í bí ohun tó wà lára èèyàn. Kí onídìrí fi irun wínníwínní etí orí sílẹ̀, kí ó má fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìdì. Kí ó ki irun orí tó nípọn fún atáṣímẹ̀ǹtì tó fúyẹ́, kì í ṣe irun mẹ́wàá fún ẹrù ńlá. Kí á má rán wífíìn lé orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìlásà sí. Kí ẹni tó ń dirun la ẹnu, kí ó sì tẹ orí ba kí ó tó dìde. Bí awọ iwájú bá ń fà, kí wọ́n tú ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kókó bá sì yọ nílé, kí á tú u lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

Kì í sì í ṣe gbogbo orí pípá ni fífà ń fà. Bí ó bá jẹ́ àárín orí ló ti bẹ̀rẹ̀, tó ń fẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí ibẹ̀ sì ń ta èèyàn, tàbí bí ibi róbótó kan bá ṣí lójijì, tàbí bí orí ọmọdé bá ń yún un, tó ń ṣí ìpẹ́, nǹkan mìíràn ni. Dídẹ irun nìkan kò ní wò ó. Kí ó tètè rí dókítà.

Mo fẹ́ bá àwọn ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ilé-ìwé ni ó ń yan irun tí àwọn ọmọbìnrin yóò dì lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a fà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ yìí, tó tún jẹ́ èyí tí a fà sókè ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀bátí kan náà ló ń jìyà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni yóò ná ilé-ìwé bí ọmọ bá lè gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kí ó di èyí tó dẹ̀, láìsí ìjìyà ní orí ìlà òwúrọ̀? Ọdún 17 nínú 100 tí wọ́n rí ní Kéèpù Táònù kọ́ ni mo ń sọ o. Ọmọ 17 nínú 100 ni, ọmọ ilé-ìwé sì ni wọ́n.

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Ọmọ àbúrò mi ti padà sọ́dọ̀ onídìrí báyìí. Ìyá rẹ̀ a máa jókòó tì í títí wọn yóò fi parí. Nígbà tí ọmọ náà bá ní, "Mọ́mì, ó ń dùn mí," wọn kì í sọ fún un mọ́ pé kí ó fara dà á. Wọ́n á tú ibẹ̀, wọ́n á sì tún un dì. Ìyá náà ń wé gèlè rẹ̀ lọ sí òde, kò sì tún wé e fún un mọ́. Ó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì mọ ìdí tí kò fi ní sí lórí ọmọ rẹ̀.